Kí ló dé tí bátìrì mọ́tò oníná fi wúwo tó báyìí?

Abíọ́dún_Ọlọ́kọ̀

Ẹ kú àsìkò yìí o. Mo kà á pé bátìrì Tesla Model 3, èyí tó ń rìn jìnnà, wọn bíi 480 kílò. Epo tó kún tánkì Corolla mi kò tó 40 kílò. Kí ló dé tí wọn kò lè mú bátìrì náà fúyẹ́? Mo tún ń rí Wh/kg níbì kan, Wh/L níbòmíràn. Èwo ni kí n máa wò?

Ẹnjiníà_Ṣakí

Àpótí ló wúwo, kì í ṣe bátìrì fúnra rẹ̀. Ẹ lọ wo fídíò ibi tí wọ́n ti ń tú u: irin lókè, irin nísàlẹ̀, páìpù omi tó ń mú un tutù, gọ́ọ̀mù tí wọ́n dà sáàárín. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyin adìẹ lọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá yọ gbogbo ẹrù yẹn kúrò, ìdajì ìwúwo náà á lọ. Ẹ̀rù ẹjọ́ ló ń ba àwọn tó ń ṣe é tí wọ́n fi ń dì í tó bẹ́ẹ̀.

Rìwáyà_Mushin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dáhùn tèmi náà. Mo ní bátìrì ínfátà 4, àwọn tó ga yẹn, 12 fólìtì, 200 áńpì-wákàtí. Korope kan wà lọ́wọ́ mi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Mo fẹ́ kó wọn sínú rẹ̀, kí n fi mọ́tò iná rọ́pò ẹ́ńjìnnì. Ṣé ó máa gbé mi láti Mushin dé Ìkòròdú kí n sì padà?

Àgbà_Kọ́fẹ́ntirì

Ẹ kú ìjókòó o. Ibi tí wọ́n ti ń dán sẹ́ẹ̀lì wò ni mo ti ń jẹun níhìn-ín. Rìwáyà, mo máa padà sórí tìrẹ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé bátìrì tí Abíọ́dún dárúkọ sórí ìwọ̀n, ká wo ibi tí kílò rẹ̀ wà.

Sẹ́ẹ̀lì 4,416 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rí róbótó, ìbú rẹ̀ 21 mílímítà, gígùn rẹ̀ 70. Ó wọn bíi 70 gíráàmù, agbára tó sì wà nínú rẹ̀ tó wáàtì-wákàtí 17 àbọ̀. Ẹ fi 70 gíráàmù yẹn lọ́nà 4,416, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 310 kílò. Odidi bátìrì jẹ́ 480. Ìyókù, 170 kílò, ni àpótí, páìpù omi, wáyà, gọ́ọ̀mù àti pátákó tó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ẹnjiníà, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ kò dé ìdajì. Ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ká tiẹ̀ ní gbogbo àpótí náà di òfo lónìí, 310 kílò ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè fi skúdíráífà tú kúrò.

Ẹ wá pín agbára rẹ̀ sórí kílò. Fún sẹ́ẹ̀lì nìkan:

```
17.5 Wh ÷ 0.07 kg = 250 Wh/kg
```

Fún odidi bátìrì:

```
77,000 Wh ÷ 480 kg = 160 Wh/kg
```

Bátìrì kan náà, iye méjì. Èyí àkọ́kọ́ ni ìwé ìpolówó máa ń gbé jáde. Èkejì ni táyà ń rù.

Ti Wh/L, àyè ló ń wò, kì í ṣe ìwúwo. Sẹ́ẹ̀lì kan gba àyè bíi lítà 0.024, nítorí náà lítà kan sẹ́ẹ̀lì ní bíi wáàtì-wákàtí 720 nínú. Bí gbogbo 4,416 bá jọ wà lójú kan láìsí àlàfo, wọn kò ní ju 107 lítà lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti tẹ́ wọn pẹrẹsẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ èrò. Iye méjèèjì yìí kì í sì í bá ara wọn rìn dandan. Kílò kan háídírójìn ní kílówáàtì-wákàtí 33, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti bẹntiróòlù. Àmọ́ bí wọ́n bá tiẹ̀ fún un pọ̀ sínú sìlíńdà títí ìfúnpá rẹ̀ fi di ìlọ́po 700 ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí, lítà kan kò ní ju 1.3 lọ, nígbà tí lítà bẹntiróòlù ní bíi 8.9. Ó fúyẹ́, ó sì kún ilé. Abíọ́dún, fún ìbéèrè rẹ nípa ìwúwo, Wh/kg ti odidi bátìrì ni kí o wò. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di pé ibo la máa kó o sí, wo Wh/L.

Abíọ́dún_Ọlọ́kọ̀

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹ ò tíì fi wé tánkì mi o. Kílò mélòó bátìrì ló máa ṣe iṣẹ́ tí tánkì tó kún ń ṣe?

Àgbà_Kọ́fẹ́ntirì

Ká fi tánkì 50 lítà ṣe é. Epo yẹn wọn bíi 37 kílò, agbára inú rẹ̀ sì jẹ́ 50 × 8.9, ìyẹn kílówáàtì-wákàtí 445. Ẹ́ńjìnnì Corolla ò lè lo gbogbo rẹ̀. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń di ooru tó ń gba rédíétọ̀ àti sàlẹ́ńsà jáde. Ká sọ pé 25 nínú 100 ló dé táyà: 111 nìyẹn. Mọ́tò iná kì í fi nǹkan ṣòfò bẹ́ẹ̀, bí 88 nínú 100 ohun tó bá gbà lọ́wọ́ bátìrì ló ń dé táyà. Nítorí náà bátìrì tó máa fi 111 sórí táyà gbọ́dọ̀ ní 126 nínú. Pín in sí 160 Wh/kg, ó di bíi 790 kílò.

Epo 37 kílò, bátìrì 790 kílò, fún iṣẹ́ kan náà. Àánú tí mọ́tò iná ṣe wá ló sì jẹ́ kó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ó ń fi agbára ṣòfò bí ẹ́ńjìnnì ni, à bá máa sọ̀rọ̀ tọ́ọ̀nù 2 àbọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Táyé_Hústọ̀nù

Ẹ̀yin ará, ìwúwo kì í ṣe ìṣòro níbi tí mo wà. GMC Hummer oníná wà ládùúgbò mi, ó ju tọ́ọ̀nù 4 lọ, bátìrì rẹ̀ nìkan tó 1,300 kílò, ó sì ń sá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ ra èyí tó tóbi, ẹ gbàgbé kílò.

Ẹnjiníà_Ṣakí

Bọ̀ọ̀dá Táyé, bí bátìrì ṣe ń tóbi sí i ló ń gbé ara rẹ̀ kiri. Tí ẹ bá fi ìlọ́po méjì bátìrì sínú ọkọ̀, ìwúwo rẹ̀ á jẹ gbogbo èrè náà tán. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò oníná kò fi lè rìn jìnnà láéláé.

Àti ìbéèrè mi sí Àgbà: kí ló fún bẹntiróòlù ní agbára tó bẹ́ẹ̀? Bátìrì tí wọ́n ti ń tún ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ó yẹ kó ti lé e bá.

Àgbà_Kọ́fẹ́ntirì

Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká ṣírò ìyẹn ná. Lórí ọ̀nà títẹ́jú, 100 kílò àfikún ń mú kí táyà gba bíi wáàtì-wákàtí 2.7 sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ bíi Model 3 ń jẹ bí 160 ní kìlómítà kan. Bí ẹ bá tún fi bátìrì 480 kílò míì sí i, táyà á béèrè bíi 13 sí i, ẹ fi díẹ̀ kún un fún òkè àti ìsáré, torí pé nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, mọ́tò ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sí bátìrì. Ká pè é ní 180. Agbára di ìlọ́po méjì, oúnjẹ ọkọ̀ kò lé ju bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Èrè náà kò tán rárá. Ibi tó ti ń dunni ni táyà tó ń yára jẹ, sípíríǹgì àti bíréèkì tó gbọ́dọ̀ nípọn sí i, férémù tó gbọ́dọ̀ le, àti owó. Ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀rọ̀ yín bá mu jù, torí pé ó gbọ́dọ̀ gbé gbogbo kílò rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ti bẹntiróòlù. Ẹ wo ohun tí kò gbé dání. Kí kílò kan rẹ̀ tó jó tán, ó nílò ọ́síjìn tó ju kílò 3 lọ. Inú afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ti ń rí i, lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí nínú tánkì. Nígbà tó bá jó tán, sàlẹ́ńsà ló ń kó ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, ọkọ̀ a sì máa fúyẹ́ sí i bó ṣe ń lọ. Bátìrì ti dí pa. Ohun méjèèjì tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì lè jáde. Tí ó kún, tí ó ṣófo, 480 kílò náà ni.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Lítíọ̀mù gan-an fúyẹ́ gidigidi, kì í ṣe òun ló wúwo. Ilé tó ń gbé ló wúwo. Nígbà tí ẹ bá ti gba iná sí i tán, lítíọ̀mù ń sùn láàárín gíráfáìtì, átọ́ọ̀mù kábọ̀nù 6 ló sì ń gbàlejò lítíọ̀mù 1. Bí a bá wọn ọ́n, 72 gíráàmù kábọ̀nù fún 7 gíráàmù lítíọ̀mù. Nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀, ó kọjá lọ sí ìhà kejì, sínú níkẹ́lì àti kóbáàtì tó so mọ́ ọ́síjìn, ibẹ̀ sì wúwo ju ti gíráfáìtì lọ.

Fún áńpì-wákàtí 1, ìhà níkẹ́lì gba bíi gíráàmù 5, ìhà gíráfáìtì sì gba bíi 3. Gíráàmù 8 lápapọ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà ń fún wa ní bíi fólìtì 3.65. Nítorí náà:

```
3.65 Wh ÷ 0.008 kg = 456 Wh/kg
```

Ẹ rántí pé 250 ni ìwọ̀n fi hàn wá lẹ́ẹ̀kan. Ibo ni ìyókù wà? Ó wà nínú bébà bàbà tí wọ́n fi gíráfáìtì kùn, bébà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi níkẹ́lì kùn, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ya wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa kanra, omi tí lítíọ̀mù ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, àti agolo irin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń pa agbára mọ́, kò sì sí èyí tí a lè ṣe láìsí.

Ẹnjiníà_Ṣakí

Ẹ kun gíráfáìtì náà nípọn sórí bàbà. Bàbà kan náà, gíráfáìtì ìlọ́po méjì. Ìwúwo bàbà ti di ìdajì nìyẹn.

Àgbà_Kọ́fẹ́ntirì

Wọ́n ń ṣe é, ó sì níbi tó ń parí sí. Bí kíkùn náà bá ti nípọn, lítíọ̀mù gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá ń gba iná kíákíá sí i, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ráyè wọlé, wọ́n á wá máa lẹ̀ mọ́ ojú gíráfáìtì lóde bí irin. Lítíọ̀mù tó bá lẹ̀ bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í padà síṣẹ́ mọ́. A máa ń mọ̀ nígbà tí agbára tí bátìrì lè gbà bá ń dín kù ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ti ń fi iná ńlá gbà á, pàápàá nígbà òtútù. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ṣe kó fúyẹ́ jù lọ máa ń lọ́ra láti gbaná, kì í sì í lè tú agbára jáde lójijì. Ẹ yan ọ̀kan.

Ẹnjiníà_Ṣakí

Ẹ wá yọ gíráfáìtì kúrò pátápátá. Sílíkọ́nù ńkọ́? Lítíọ̀mù lásán ńkọ́? Àwọn kan ní bátìrì tí kò ní omi nínú máa di ìlọ́po méjì.

Àgbà_Kọ́fẹ́ntirì

Ká ní gíráfáìtì di òfo, gíráàmù 5 ti ìhà kejì ṣì wà. 3.65 ÷ 0.005 jẹ́ 730, lẹ́yìn náà bàbà, agolo àti gbogbo àwọn tó kù á wá gba ìpín wọn. Iye tó bá kù kò ní jìnnà sí 400 sí 450 fún sẹ́ẹ̀lì tó ṣeé lò, ti odidi bátìrì á tún kéré sí i. Ìhà níkẹ́lì ló di ẹnu ọ̀nà mú, kì í sì í sábà wà nínú ìròyìn.

Sílíkọ́nù ń wú nígbà tó bá gba lítíọ̀mù, ó lè wú dé ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó díẹ̀ mọ́ gíráfáìtì. Lítíọ̀mù lásán ń hu abẹ́rẹ́ tó lè gún awọ àárín. Mi ò sọ pé wọn ò ní ṣàṣeyọrí. Mo ní ẹ béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ló gbaná tó sì tú u kó tó kú.

Táyé_Hústọ̀nù

Mo gbà bẹ́ẹ̀ láìgbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ báyìí náà nígbà tí GM ṣe EV1 lọ́dún 1996, bátìrì olójé 533 kílò tí agbára rẹ̀ kò ju kílówáàtì-wákàtí 16.5 lọ. Ìyẹn bíi 31 Wh/kg. Nissan Leaf dé lọ́dún 2010, 24 nínú bíi 290 kílò, ó di 80 àti díẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín sọ 160. Ta ló ní kò ní tún di ìlọ́po méjì?

Àgbà_Kọ́fẹ́ntirì

Ìṣirò yẹn dára. Ẹ kàn wo ohun tó mú un lọ sókè: òjé kúrò, lítíọ̀mù wọlé, lẹ́yìn náà wọ́n ń yọ irin àti àlàfo kúrò lára àpótí, wọ́n sì ń fi níkẹ́lì kún ìhà kejì. Àwọn tó rọrùn ti tán nìyẹn.

Ọmọ_Alábà

Ẹ̀yin àgbà, ìṣirò Wh/kg yìí ni mo fi ń mú àwọn tó ń ta sẹ́ẹ̀lì ayédèrú. Ẹ mọ 18650 tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì àti láńtánì? Wọ́n kọ 9900mAh sí i lára. Ẹ fi fólìtì 3.7 lọ̀nà rẹ̀, ó lé ní wáàtì-wákàtí 36. Sẹ́ẹ̀lì gidi oníwọ̀n yẹn wọn bíi 45 sí 48 gíráàmù. Ìyẹn á jẹ́ 760 Wh/kg àti jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n wúrà, púpọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ tó 35 gíráàmù. Tó bá ti ju 3500mAh lọ lára 18650, mo máa ń fi í sílẹ̀.

Abíọ́dún_Ọlọ́kọ̀

Ha! Èyí wúlò. Bàbá, ẹni tó ń ta ọkọ̀ fún mi ní kí n mú èyí tí wọ́n kọ LFP sí lára, ó ní ó fúyẹ́ jù.

Àgbà_Kọ́fẹ́ntirì

Kò fúyẹ́ jù. Irin àti fọ́sífétì ló wà ní ìhà kejì dípò níkẹ́lì, fólìtì rẹ̀ jẹ́ 3.2, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì máa ń wà láàárín 160 sí 180 Wh/kg. Ohun tó gbà á ni pé kì í tètè gbiná, nítorí náà wọ́n lè to sẹ́ẹ̀lì gígùn tààrà sínú àpótí láìfi ọ̀pọ̀ irin yà wọ́n, bí BYD ti ṣe pẹ̀lú bátìrì Blade lọ́dún 2020. Àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ti níkẹ́lì kéré lórí odidi bátìrì ju bó ṣe wà lórí sẹ́ẹ̀lì lọ. Ó ń pẹ́ láyé, owó rẹ̀ sì rọjú. Rà á nítorí ìyẹn, má rà á nítorí ìwúwo.

Rìwáyà, ó kàn ọ́. Bátìrì rẹ 4 jẹ́ wáàtì-wákàtí 9,600 lórí bébà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á wọn bíi 60 kílò àti díẹ̀, ká pè é ní 250 kílò, ìyẹn 38 Wh/kg. Àmọ́ 200 tí wọ́n kọ sí i lára, ti ẹni tó ń lò ó díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 10 tàbí 20 ni. Bí ọkọ̀ bá fà á tán láàárín wákàtí kan, òjé ò ní fún ọ tó bẹ́ẹ̀, bí o bá sì ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Fojú sí bíi 4,500. Korope lè jẹ 130 sí 150 ní kìlómítà kan. O lè dé Ìkòròdú. Ìpadà ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Rìwáyà_Mushin

Bàbá mi, mo ti ní bátìrì wọ̀nyí nílé, owó ti jáde. Ẹnì kan ní kí n mú LFP méjì tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, 51.2 fólìtì, 100 áńpì-wákàtí. Ìyẹn ńkọ́?

Àgbà_Kọ́fẹ́ntirì

Méjèèjì á tó 10,240 wáàtì-wákàtí, wọn ò sì ní ju bíi 100 kílò lọ. Agbára wà. Ṣùgbọ́n wo BMS inú rẹ̀, ìyẹn pátákó tó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì: púpọ̀ nínú àwọn ti ilé kì í jẹ́ kí ó ju 100 áńpì lọ. Méjì papọ̀ jẹ́ bíi kílówáàtì 10. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ó lè tó. Bí o bá kó èrò tí o sì dé orí afárá, BMS máa gé iná, ọkọ̀ á sì dúró síbẹ̀. Agbára tó pọ̀ nínú kílò kan kò sọ bí ó ṣe lè yára jáde.

Ọmọ_Alábà

Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà, ẹ má ra ti ògiri. Ẹ ra sẹ́ẹ̀lì LFP lọ́tọ̀, kí ẹ fi BMS tó le sí i.

Ẹnjiníà_Ṣakí

Tàbí kí ẹ ra bátìrì Leaf tó ti jábọ́ lára ọkọ̀ tòkunbọ̀. Òun ni wọ́n ṣe fún ọkọ̀.

Rìwáyà_Mushin

Bátìrì Leaf náà ti gbó, ta ló máa bá mi wọ̀n ọ́n? Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn olójé gbìyànjú dé Ojúẹlẹ́gbà ná. Ọmọ Alábà, ẹ fi iye BMS 200 áńpì ránṣẹ́ sí mi.